Orí Kẹjọ: Nígbà Tí Onígbọ̀wọ́ Bá Ba Orúkọ Aṣojú Rẹ̀ Jẹ́

Ní orí keje, a rí bí iléeṣẹ́ ṣe ń já aṣojú ọjà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹni náà bá hùwà tí kò bójú mu. Bóyá ó jà ní gbangba, bóyá wọ́n ká oògùn olóró mọ́ ọn lọ́wọ́, bóyá ó sọ ìsọkúsọ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Iléeṣẹ́ á ṣí ìwé àdéhùn, á tọ́ka sí abala tó sọ̀rọ̀ nípa ìwà, wọ́n á sì pín gaarí. Òdìkejì rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú orí yìí. Iléeṣẹ́ ló hu ìwà ìtìjú, ṣùgbọ́n àwòrán aṣojú ló wà lára ògiri, òun ni àwọn èèyàn ń nàka sí lọ́jà. Kí ni òfin gbà á láyè láti ṣe?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dáhùn kíá pé kó kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Ìdáhùn yẹn lè kó aṣojú sí gbèsè. Àdéhùn kì í tú nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é ti di ẹni ẹ̀tẹ́. Ohun tó ń tú u ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, tàbí kí ẹnì kan kùnà láti ṣe ohun tó ṣèlérí nínú rẹ̀. Aṣojú tí kò bá ti fi ọ̀nà àbájáde sínú ìwé kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kó fi owó ra òmìnira rẹ̀, ìyẹn bí onígbọ̀wọ́ bá gbà láti tà á fún un. Ọ̀rọ̀ tó fi èyí hàn jù lọ ni ti pápá ìṣeré kan ní Houston, ní Ìpínlẹ̀ Texas, ìlú tí Hakeem Ọlájùwọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù sáwọ̀n di olókìkí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì ń gbé títí dòní.

Pápá Enron

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, ẹgbẹ́ agbábésíbọ́ọ̀lù Houston Astros bá iléeṣẹ́ Enron ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún. Enron á san mílíọ̀nù 100 dọ́là, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ pe pápá tuntun tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ máa lò. Bí a bá pín owó náà sí ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3.3 dọ́là. Nígbà náà, Enron wà lára àwọn iléeṣẹ́ tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn. Gáàsì àti iná mànàmáná ni wọ́n ń tà, Houston gan-an ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, kò sì sí ẹni tó rò pé orúkọ wọn lè di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Wọ́n ṣí pápá náà ní ọdún 2000, wọ́n kọ Enron gàdàgbà sí i lára.

Kí òǹkàwé má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni èyí. Ọ̀kan lára irọ́ tí Enron pa wáyé lórí omi wa níbí. Ní ọdún 1999 kan náà, Enron bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àdéhùn láti fi ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi pèsè iná. Bí ọdún ṣe ń parí lọ, Enron kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ pé òun ti ta ìpín nínú mẹ́ta lára àwọn ọkọ̀ náà fún iléeṣẹ́ ìdókòwò Merrill Lynch ní mílíọ̀nù 28 dọ́là, ó sì ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là sí èrè. Mílíọ̀nù 7 péré ni Merrill Lynch yọ lápò, Enron ló ṣètò bí wọ́n ṣe yá ìyókù. Ohun tí àwọn agbófinró Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn náà ni pé Enron ti ṣèlérí ní bòókẹ́lẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n á rí i pé ìpín náà kúrò lọ́wọ́ Merrill Lynch pẹ̀lú èrè. Ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí báyẹn fún kò ra nǹkan kan, owó ló yáni.

Irú ìṣirò ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé Enron. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun pàdánù mílíọ̀nù 618 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n jẹ́wọ́ pé èrè tí àwọn ti ń kéde láti ọdún 1997 kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, Enron forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì èyí, nǹkan bí ẹgbàajì òṣìṣẹ́ ni wọ́n dá dúró ní Houston. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kó owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú ìpín iléeṣẹ́ náà, ìpín tó ti tó 90 dọ́là ní ọdún 2000 sì ti wálẹ̀ sí iye tí kò tó dọ́là kan.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ Astros. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà lára àwọn tí Enron sọ di aláìníṣẹ́. Orúkọ tó gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á máa kà lórí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n bá mú ọmọ wọn wá wòran. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ yọ orúkọ yìí kíákíá, ṣùgbọ́n wọn ò lè yọ ọ́, nítorí Enron kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Owó tó yẹ kí Enron san lórí pápá náà, ó ti san án.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2002, Astros gba kóòtù lọ. Wọn ò ní kí adájọ́ tú àdéhùn náà nítorí ìtìjú, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní abala tí àwọn lè dìrọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún kéré sí i. Òfin Amẹ́ríkà gba iléeṣẹ́ tó bá wọko gbèsè láyè láti yan èyí tó fẹ́ dì mú àti èyí tó fẹ́ jù sílẹ̀ nínú àwọn àdéhùn rẹ̀, ó sì fún un ní àkókò láti rò ó. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń rò ó, ẹni kejì kò gbọ́dọ̀ já àdéhùn. Astros ní kí adájọ́ pàṣẹ fún Enron láti yan ọ̀kan kíá, nítorí pé orúkọ náà ń mú kí aráàlú máa fi ojú Enron wo àwọn. Èsì Enron ni pé dúkìá ni ẹ̀tọ́ sí orúkọ pápá jẹ́, ó sì ṣeé tà láti fi san gbèsè.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n jókòó sọ ọ́. Astros san mílíọ̀nù 2.1 dọ́là fún Enron láti gba orúkọ pápá wọn padà. Ẹni tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ló sanwó fún ẹni tó bà á jẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún náà, iléeṣẹ́ tó ń ta omi èso Minute Maid, tí Coca-Cola ni ín, gba pápá náà, owó sì tún wọlé fún Astros. Ìyẹn kò yí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kejì padà.

Ìdí tí orúkọ bíbàjẹ́ nìkan kò fi tú àdéhùn

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìdí rẹ̀, nítorí ibi tí àwọn aṣojú ti ń ṣìnà nìyí. Irọ́ tí Enron pa lórí ọkọ̀ amúnáwá Èkó kò sí lára ohun tó bá Astros ṣe àdéhùn lé lórí. Ìlérí tó ṣe fún Astros ni pé òun á sanwó, ó sì san án. Ojú ohun tí ẹni méjì kọ sílẹ̀ ni kóòtù fi ń wo àdéhùn. Kì í bi wọ́n bóyá ẹni rere ni wọ́n jẹ́ níbòmíràn.

Ìlànà yìí kan náà ló wà nínú òfin àdéhùn Nàìjíríà, èyí tí a jogún ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹnì kan tó lè sọ pé àdéhùn ti tú nítorí ohun tí ẹnì kejì ṣe, ohun náà gbọ́dọ̀ kan gbòǹgbò àdéhùn náà. Bí aṣojú bá kàn dá iṣẹ́ dúró láìrí irú ìdí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló da àdéhùn, onígbọ̀wọ́ tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ sì lè pè é lẹ́jọ́ kó sì borí.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí òfin ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní abala kankan, ìyẹn ni irọ́ tí wọ́n pa fún un kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí iléeṣẹ́ bá sọ fún aṣojú pé ìjọba ti fọwọ́ sí ọjà àwọn, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ó gbà, aṣojú lè ní kí kóòtù fagi lé àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù láìsí àkọsílẹ̀ kì í sábà tó. Bákan náà, irọ́ náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àdéhùn. Ìwà ìbàjẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìtọwọ́bọ̀wé kò bá ẹnu ọ̀nà yìí wọlé.

Ohun kan wà tó máa ń ti ilẹ̀kùn tí aṣojú ì bá gbà jáde, òun náà ni gbígba owó lẹ́yìn tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ká ní ìwà ìtìjú iléeṣẹ́ jáde ní oṣù Karùn-ún, aṣojú gba owó oṣù Kẹfà àti ti oṣù Keje, ó tún ya fọ́tò tuntun fún wọn, ó wá kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ pé òun kò lè fara mọ́ ìwà yẹn. Lọ́yà iléeṣẹ́ á sọ pé ó ti fara mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kí adájọ́ gbà fún un. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti jáde gbọ́dọ̀ yàn láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Bí ó bá fẹ́ rò ó sí i, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń rò ó, kó sì sọ pé iṣẹ́ tàbí owó kankan tó bá wáyé láàárín ìgbà náà kò túmọ̀ sí pé òun ti gbà.

Dídá dúró kó tó di jíjáde

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ owó orí ayélujára FTX wọko gbèsè ní Amẹ́ríkà, owó ọ̀pọ̀ oníbàárà sì há síbẹ̀. Orúkọ FTX wà lára ọkọ̀ eré ìje Mercedes láti ọdún 2021. Ọjọ́ náà gan-an ni Mercedes kéde pé àwọn dá àdéhùn náà dúró ná. Ìdíje ọkọ̀ ti Brazil ló wà nílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ti yọ FTX lára ọkọ̀ kí wọ́n tó sáré, Mercedes sì ni George Russell fi gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọn ò sọ pé àdéhùn ti parí, wọ́n ní àwọn dá a dúró. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá pa àdéhùn rẹ́ lórí ìròyìn tó wá jásí irọ́ ti da àdéhùn nìyẹn. Ẹni tó bá dá a dúró lè padà. Dídá dúró ń yọ orúkọ aṣojú kúrò nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn bẹ́, nígbà tí ẹ̀rí kò tíì pé, ó sì ń fún lọ́yà ní àyè láti ka ìwé dáadáa.

Ọ̀nà Miami kò yára tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ FTX wà lára gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ Miami Heat ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lábẹ́ àdéhùn ọdún 19 tó tó mílíọ̀nù 135 dọ́là. Ìjọba ìbílẹ̀ Miami-Dade, tó ni gbọ̀ngàn náà, kéde lọ́jọ́ tí FTX ṣubú pé àwọn fẹ́ já a. Ṣùgbọ́n FTX ti wà lábẹ́ ààbò kóòtù, bí Enron ṣe wà lọ́jọ́sí, wọ́n sì ní láti tọrọ àṣẹ. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nínú ìtàn méjèèjì ni ti àkókò. Ọ̀nà àbájáde tí wọ́n so mọ́ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá wọko gbèsè máa ń pẹ́ jù, nítorí lọ́jọ́ náà ni òfin gbèsè ń dé. Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ ni kí a so ó mọ́, bí ìgbà tí àjọ ìjọba bá kéde ìwádìí tàbí tí iléeṣẹ́ bá jẹ́wọ́ pé ìṣirò òun kò tọ̀nà.

Bí a ṣe ń kọ abala ìwà onígbọ̀wọ́

Abala tó ń dáàbò bo aṣojú ni a ó máa pè ní abala ìwà onígbọ̀wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ sọ ni ẹni tí ìwà rẹ̀ kàn án. Bí ó bá sọ pé “iléeṣẹ́” nìkan, ọ̀gá àgbà lè na òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú fídíò tí gbogbo ayé rí, kí iléeṣẹ́ sì sọ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ó yẹ kó dárúkọ iléeṣẹ́, àwọn olùdarí rẹ̀, ọ̀gá àgbà, àti iléeṣẹ́ tó bá ni ín.

Èkejì ni ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ sì ni ìjà máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń dúnàá-dúrà. Iléeṣẹ́ á fẹ́ kí ó jẹ́ ìdájọ́ kóòtù nìkan. Aṣojú kò gbọ́dọ̀ gbà, nítorí ẹjọ́ lè gba ọdún mẹ́jọ ní Nàìjíríà, àdéhùn rẹ̀ kò sì ju ọdún kan lọ. Aṣojú náà á fẹ́ kí ó jẹ́ “ohunkóhun tí mo bá rò pé ó lè ba orúkọ mi jẹ́.” Iléeṣẹ́ tó gbọ́n kò ní gba ìyẹn. Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí: kí àjọ ìjọba tó ní àṣẹ lórí òwò náà ti kéde nǹkan ní gbangba, bíi NAFDAC lórí oúnjẹ àti oògùn, SEC lórí ìdókòwò, FCCPC lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tàbí kí EFCC ti gbé wọn lọ sí kóòtù, tàbí kí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ó lè fi ìwà tí èèyàn tó ní làákàyè á gbà pé ó ti kó ẹ̀gàn bá aṣojú kún un. Àhesọ orí Wasaápù kò sí lára rẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni pé kí abala náà sọ kedere pé kò sí àǹfààní àtúnṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, ẹni tó bá kùnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe. Iléeṣẹ́ tó pẹ́ kó tó sanwó lè sanwó kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, kò sì sí ẹni tó pàdánù. Ṣùgbọ́n kò sí bí iléeṣẹ́ ṣe lè tún orúkọ ẹlòmíràn tó ti bàjẹ́ ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ àwòrán aṣojú á ṣì wà lára ògiri ní gbogbo ìgbà yẹn. Iye ọjọ́ ìkìlọ̀, owó tó ti wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ àwòrán ló kù, àwọn náà la ó fi àpẹẹrẹ tó kàn yìí ṣàlàyé.

Àpẹẹrẹ kan láti Kinkinau

Ẹ jẹ́ ká gbà pé òṣèrébìnrin kan wà ní Kinkinau, ní gúúsù ìlú Kaduna. Ọmọ Yorùbá ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, èdè Hausa àti Yorùbá ló ń fi ṣe àwàdà kéékèèké lórí fóònù. Àwọn ìyálọ́jà fẹ́ràn rẹ̀, iléeṣẹ́ kan tó ń ta àgúnmu inú sáṣẹ́ẹ̀tì sì mú un ṣe aṣojú. Àdéhùn ọdún kan ni, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní sí òpin oṣù Kejìlá. Mílíọ̀nù 6 náírà ni wọ́n á san, ní ìgbà mẹ́ta, mílíọ̀nù 2 lẹ́ẹ̀kan: ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ nítòsí Ọjà Sheikh Gumi, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ Maruwa káàkiri ìlú.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, NAFDAC kéde pé nọ́ńbà tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe tiẹ̀, pé ọjà mìíràn ló ni ín, pé àwọn kò sì forúkọ àgúnmu náà sílẹ̀ rí. Kó tó di alẹ́, àwọn èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ èébú sábẹ́ fídíò òṣèré náà. Iléèwé kan tó fẹ́ kó wá ṣe alága ọjọ́ ìdárayá wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kó má wá mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó bọ́ síwájú kámẹ́rà, kó sunkún, kó sì pe iléeṣẹ́ náà ní olè. Kó má ṣe é. Ìwé àdéhùn sábà máa ń ní abala tó sọ pé ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tó ń tàbùkù ẹnì kejì, bí ó bá sì rú u, iléeṣẹ́ ti rí ohun tó máa fi gbá a mú. NAFDAC sọ pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ti àgúnmu náà. Kò tíì sọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ olè ti kọjá ohun tí ẹ̀rí sọ.

Ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni kó dẹ́kun gbígbé ìpolówó wọn jáde, kó sì kó ẹ̀rí jọ. Kó tọ́jú ìkéde NAFDAC pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àwòrán àwọn èébú, ọ̀rọ̀ tí iléèwé náà fi ránṣẹ́, àti sáṣẹ́ẹ̀tì àgúnmu méjì tàbí mẹ́ta tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Kó ra sáṣẹ́ẹ̀tì náà lójú ẹsẹ̀, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọjà náà lè di àwátì.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, lọ́yà rẹ̀ kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó dárúkọ àdéhùn àti ọjọ́ rẹ̀, ó tọ́ka sí abala ìwà onígbọ̀wọ́, ó sọ ohun tí NAFDAC kéde láìfi ọ̀rọ̀ kún un, ó ní aṣojú dá gbogbo iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ náà, ó sì fún iléeṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá tí àdéhùn là sílẹ̀ láti dáhùn kí àdéhùn tó parí. Wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, wọ́n tún fi ọwọ́ gbé e lọ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé, ẹni tó gbà á sì tọwọ́ bọ̀wé. Bí lẹ́tà bá lọ sí àdírẹ́sì míì, tàbí tó jẹ́ Wasaápù ọ̀gá àgbà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, iléeṣẹ́ lè sọ pé àwọn ò rí i, ọjọ́ mẹ́wàá náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èsì iléeṣẹ́ dé: àwọn ọ̀tá òwò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ti ń bá NAFDAC sọ ọ́, kó fún àwọn ní oṣù méjì. Bí abala náà bá sọ pé kò sí àtúnṣe, èsì yìí kò dá nǹkan kan dúró. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, àdéhùn parí. Ọjọ́ náà ni òṣèré náà tó lè bá àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbólóhùn mẹ́ta sì ti tó: NAFDAC kéde báyìí lọ́jọ́ báyìí, mo ti fòpin sí àjọṣe mi pẹ̀lú iléeṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ̀lé ohun tí NAFDAC bá sọ nípa ọjà náà. Iléeṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti yọ àwòrán rẹ̀ nítòsí ọjà àti lára kẹ̀kẹ́, àti láti pa fídíò rẹ̀ rẹ́ lójú ewé wọn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wò ó, kó ya fọ́tò èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ó wá ku owó. Oṣù méje ló fi ṣiṣẹ́ nínú méjìlá. Bí a bá pín mílíọ̀nù 6 sí oṣù méjìlá, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún 500 náírà lóṣù. Oṣù méje jẹ́ mílíọ̀nù 3.5. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 4 ló ti wọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún 500 náírà fi lé. Bí ìwé bá sọ pé owó tó ti wọlé kò ní padà nígbà tó bá jẹ́ pé ìwà onígbọ̀wọ́ ló fa ìparí, tirẹ̀ ni. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan, iléeṣẹ́ lè béèrè rẹ̀, lọ́yà rẹ̀ á sì sọ pé ìpalára orúkọ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpalára yìí ni ẹ̀rí rẹ̀ máa ń le. Ọ̀rọ̀ tí iléèwé náà fi ránṣẹ́ wúlò bí ó bá dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ san àti ìdí tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Èébú lórí ayélujára dunni, ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè sọ ọ́ di náírà bí kò bá sí iṣẹ́ kan pàtó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni nítorí rẹ̀. Irú àríyànjiyàn owó báyìí yẹ ní ìlàjà ju ẹjọ́ gígùn lọ, kóòtù onílẹ̀kùn púpọ̀ tó wà ní Kaduna sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yí àpẹẹrẹ náà padà díẹ̀. Ká ní kò sí abala ìwà onígbọ̀wọ́ rárá nínú ìwé òṣèré yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣì dára ju ti Astros lọ, nítorí òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta oògùn tàbí kó polówó rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìpolówó gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, kóòtù kò sì ní fipá mú un ṣe ohun tí òfin kọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí iléeṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ní gbogbo ìwé àṣẹ ìjọba. Bí wọ́n bá kọ ọ́, wọ́n ti da àdéhùn, ó sì kan gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí aṣojú tí iléeṣẹ́ kọ̀ láti fún ní abala ìwà má jáwọ́, kó béèrè fún gbólóhùn ìwé àṣẹ yìí. Ìwọ̀nba iléeṣẹ́ ni ojú rẹ̀ kò ní tì láti sọ pé àwọn ò lè kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní àgúnmu náà dára, NAFDAC sì fọwọ́ sí i, tó wá jẹ́ pé fídíò ọ̀gá àgbà tó ń na ọmọ ọ̀dọ̀ ló jáde. Kò sí òfin ìpolówó tó dá sí i. Wọn kò purọ́ fún aṣojú kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ń sanwó lásìkò. Bí kò bá sí abala ìwà tó dárúkọ ọ̀gá àgbà, òṣèré Kinkinau yìí ti bọ́ sí ipò tí Astros wà ní oṣù Kejì ọdún 2002: yálà kó fara dà á títí di òpin oṣù Kejìlá, tàbí kó fi owó ra ara rẹ̀ jáde.

Ìdánrawò

1. Ka àpẹẹrẹ Kinkinau lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní òṣèré náà gba owó oṣù Kẹsàn-án kó tó kọ lẹ́tà kankan. Kọ èsì tí lọ́yà iléeṣẹ́ á fún un, kí o sì sọ bóyá dídá iṣẹ́ dúró láti ogúnjọ́ oṣù Keje yí ìdáhùn rẹ padà.

2. Ká ní àdéhùn jẹ́ ti mílíọ̀nù 9 náírà fún oṣù méjìdínlógún, mílíọ̀nù 5 ti wọlé, àdéhùn sì parí ní òpin oṣù kọkànlá nítorí ìwà onígbọ̀wọ́. Ṣe ìṣirò iye tí ẹnì kan ṣì jẹ ẹnì kejì bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan nípa owó tó ti wọlé, kí o sì sọ ẹni tó jẹ gbèsè.

3. Kọ abala ìwà onígbọ̀wọ́ tí kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan tí iléeṣẹ́ tó ń yá àwọn èèyàn lówó lórí fóònù fẹ́ gbé aṣọ wọ̀. Dárúkọ àwọn tí ìwà wọn kàn án, ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn, iye ọjọ́ ìkìlọ̀, àti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ lè bọ́ aṣọ náà.